Swap mi ò pààrọ̀ nǹkan kan: kí ló ń ṣe kóòdù yìí?

Tólú_Ṣáṣá

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èdè C ni mò ń kọ́. Mo kọ fọ́ńkṣọ̀n kan tó yẹ kó pààrọ̀ x àti y, torí mo fẹ́ fi to owó ọjà ìyá mi ní Bódìjà láti kékeré sí ńlá. Kọ̀ǹpáílà ò bínú, kò kìlọ̀, àmọ́ 450 700 náà ló ṣì ń tẹ̀ jáde. Ohun tó rú mi lójú jù ni pé tí mo bá fi printf sínú swap fúnra rẹ̀, 700 450 ni mò ń rí níbẹ̀! Ta ló ń dá a padà?

```c
#include <stdio.h>

void swap(int a, int b)
{
    int t = a;
    a = b;
    b = t;
}

int main(void)
{
    int x = 450, y = 700;
    swap(x, y);
    printf("%d %d\n", x, y);
    return 0;
}
```

Jagun_Java

Àbúrò, void yẹn ló fa wàhálà. Swap ẹ ò dá nǹkan kan padà fún main, báwo ni main ṣe fẹ́ mọ̀? Yí void sí int, kọ return a sí ìsàlẹ̀, kó o wá kọ x = swap(x, y). Ó parí.

Tólú_Ṣáṣá

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀. 700 700 ló tẹ̀ jáde báyìí. 450 ti wọgbó.

Bọ̀dá_Agbowó

Á wọgbó ni. Ohun kan ṣoṣo ni return lè gbé jáde, ìwọ sì nílò méjì. O fi 700 lé 450 lórí nínú x, kò sì sẹ́ni tó tọ́jú 450 pa mọ́.

Ká padà síbi ìbéèrè rẹ. Kò sẹ́ni tó dá ohunkóhun padà, nítorí x kò kúrò ní 450 rí. Nígbà tí main bá sọ pé swap(x, y), C máa wo ohun tó wà nínú x, yóò rí 450, yóò sì kọ 450 yẹn sí ibòmíràn tuntun tó ń jẹ́ a. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún y, yóò kọ 700 sínú b. Láti ìgbà náà lọ, fáríébù a kò mọ x mọ́, b kò sì mọ y. Iye tí wọ́n gbà ni wọ́n mọ̀. Swap rẹ pààrọ̀ a àti b dáadáa, ìdí nìyẹn tí printf inú rẹ̀ fi sọ òtítọ́ fún ọ. Tí swap bá ti parí, a àti b yóò kógbá sílé pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lórí wọn.

Kọ̀ǹpáílà kò sì ní ìdí kankan láti bínú, torí ó bófin mu kí fọ́ńkṣọ̀n fi paramítà tirẹ̀ ṣe ohun tó bá wù ú.

Má gbà mí gbọ́ lásán o. Fi ìlà yìí sínú main ṣáájú kó o tó pe swap, kó o fi irú rẹ̀ kan náà sínú swap pẹ̀lú a àti b, kó o wá lẹ ohun tó bá tẹ̀ jáde síbí.

```c
printf("%p %p\n", (void *)&x, (void *)&y);
```

Àdùkẹ́_Mókọ́lá

Bí wọ́n ṣe là á yé èmi nìyí: o ní fọ́ọ̀mù méjì lọ́wọ́, o lọ ṣe fọ́tòkópì wọn l'Ágbowó, o fún àbúrò rẹ ní fọ́tòkópì pé kó pààrọ̀ orúkọ tó wà lórí wọn. Ó fi báírò wọ́ ọ nù, ó kọ tuntun, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ojúlówó ṣì wà nínú báàgì rẹ bó ṣe wà. Tó o bá fẹ́ kó kan ojúlówó, sọ ibi tí báàgì wà fún un.

Tólú_Ṣáṣá

Àǹtí Àdùkẹ́, ó yé mi. Bọ̀dá, ohun tó tẹ̀ jáde rè é. Ìlà àkọ́kọ́ wá láti main, èkejì wá láti swap:

```
0x7ffd3c1a4e50 0x7ffd3c1a4e54
0x7ffd3c1a4e2c 0x7ffd3c1a4e28
```

Bọ̀dá_Agbowó

O ṣeun. Nọ́ńbà wọ̀nyí yóò yàtọ̀ tó o bá tún rọ́ọ̀nù rẹ̀, má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Wo ìparí wọn nìkan. x wà ní e50, y wà ní e54: báìtì mẹ́rin ló wà láàárín wọn, torí báìtì mẹ́rin ni int ń gbà lórí ẹ̀rọ rẹ. a wà ní e2c, b wà ní e28. Àdírẹ́sì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ohun tó o lè kọ sí e2c tí yóò yí ohun tó wà ní e50 padà.

Nítorí náà, àdírẹ́sì ni kó o fi ránṣẹ́ dípò iye. Lọ fi pọ́íńtà gbìyànjú rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ fún ọ.

Alàgbà_Òkè_Àdó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́. FORTRAN la fi kọ́ kọ̀ǹpútà láyé tiwa. A máa ń kọ SUBROUTINE SWAP(A, B) bí ọmọ yìí ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìsí pọ́íńtà kankan, ó sì máa ń pààrọ̀. Ṣé C ló wá ń ṣe agídí ni?

Bọ̀dá_Agbowó

Ẹ kú àgbà, sà. Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn kọ̀ǹpáílà FORTRAN sábà máa ń fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ láìsọ fún yín, ìdí nìyẹn tó fi ń pààrọ̀. Pascal fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́: tó bá kọ var síwájú paramítà, ti ẹni tó pè é gan-an ni yóò fọwọ́ kàn. C yan ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ̀dà iye ni nígbà gbogbo, ẹni tó bá fẹ́ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, ojú gbogbo ayé ni yóò ti ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́ńkṣọ̀n lè gba n, kó máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi di òdo, n ti ẹni tó pè é kò ní gbọ́ sí i. Tí mo bá sì rí & níbi tí wọ́n ti pe fọ́ńkṣọ̀n, mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan mi yí padà níbẹ̀.

Alàgbà_Òkè_Àdó

Ó dára. Àmọ́ tiwa rọrùn jù.

Tólú_Ṣáṣá

Bọ̀dá, mo ti lo pọ́íńtà, mo sì pè é ní swap(&x, &y). Ó tún kọ̀! 450 700 síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi.

```c
void swap(int *a, int *b)
{
    int *t = a;
    a = b;
    b = t;
}
```

Jagun_Java

Ṣé ẹ rí i? Pọ́íńtà kì í ṣe oògùn.

Bọ̀dá_Agbowó

Tólú, inú mi dùn pé o kọ èyí, torí ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí o ṣe pè é dára. Kóòdù inú rẹ̀ ni kò tíì kan x.

Pọ́íńtà náà fáríébù ni, iye tirẹ̀ kàn jẹ́ àdírẹ́sì. Nígbà tó o fi &x ránṣẹ́, C ṣe ẹ̀dà àdírẹ́sì náà sínú a bó ṣe ṣe ẹ̀dà 450 lẹ́ẹ̀kan. Ká lo àwọn nọ́ńbà tó o lẹ síbí. Bí swap ṣe ń bẹ̀rẹ̀, a di e50 mú, b di e54 mú. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ sọ pé kí t di e50 mú. Ìkejì sọ pé kí a di e54 mú. Ìkẹta sọ pé kí b di e50 mú. O pààrọ̀ àdírẹ́sì méjì lọ́wọ́ ara wọn, o ò sì dé ibì kankan nínú méjèèjì. 450 ṣì jókòó sí e50, 700 sí e54. Àrùn àkọ́kọ́ náà ló tún padà wá, ó kàn gòkè lọ sórí pọ́íńtà.

Kó o tó lè débẹ̀, ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ wà lára a àti b nínú fọ́ńkṣọ̀n náà:

```c
void swap(int *a, int *b)
{
    int t = *a;
    *a = *b;
    *b = t;
}
```

Tún tẹ̀ lé e. *a túmọ̀ sí pé lọ sí e50, mú ohun tó wà níbẹ̀: 450 wọ inú t. Lẹ́yìn náà, lọ sí e54, mú 700, kọ ọ́ sí e50. Lẹ́yìn náà, kọ 450 tó wà nínú t sí e54. a àti b fúnra wọn kò yí padà rárá, e50 àti e54 ni wọ́n dì mú títí dé ìparí. Ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí ló yí padà, main ló sì ni ibẹ̀.

Tún wo t dáadáa: int ni, kì í ṣe int *. Iye ló fẹ́ tọ́jú, kì í ṣe àdírẹ́sì.

Jagun_Java

Èmi máa ń fi ìràwọ̀ sí t náà. int *t; *t = *a; *a = *b; *b = *t; ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù mi.

Bọ̀dá_Agbowó

Jagun, oríire ni, kì í ṣe iṣẹ́. Níbo ni t ń tọ́ka sí nígbà tó o kọ *t = *a? O ò sọ fún un. Ohun tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ láti ọwọ́ fọ́ńkṣọ̀n mìíràn ni yóò kà sí àdírẹ́sì, ibẹ̀ ló sì máa kọ 450 sí. Lónìí ó lè bọ́ síbi tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lọ́la ó lè kọ lé fáríébù mìíràn lórí, tàbí kí ẹ̀rọ pariwo Segmentation fault. Fi -Wall kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, gcc yóò sọ fún ọ pé wọ́n ń lo t nígbà tí kò sí ohun kankan nínú rẹ̀.

Jagun_Java

Mo ti fi -Wall sí i. Ó kìlọ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀ ẹ gbà pé Java kò ní ìyọnu yìí, torí pé nǹkan gan-an ni Java ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀dà.

Bọ̀dá_Agbowó

Mi ò gbà. Kọ swap nínú Java tó gba StringBuilder méjì, kó o ṣe t = a, a = b, b = t nínú rẹ̀. Ẹni tó pè é kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, bí ti Tólú gẹ́lẹ́. Ohun tí Java fi ránṣẹ́ ni ẹ̀dà ìtọ́ka sí nǹkan náà.

Jagun_Java

Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe a.append nínú rẹ̀, ẹni tó pè é á rí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà ni, báwo ló ṣe rí i?

Bọ̀dá_Agbowó

Torí ẹ̀dà ìtọ́ka ni, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. append dà bí *a nínú C, ó lọ síbẹ̀. a = b kò lọ síbì kankan.

Jagun_Java

Ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn ni, ẹ̀gbọ́n. Lójú tèmi, bí ọwọ́ mi bá ti tó o, òun gan-an ni.

Tólú_Ṣáṣá

Ó ti ń ṣiṣẹ́ o!! 700 450. Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá. Mo ti lò ó láti to àréè owó náà, swap(&owo[i], &owo[kere]). Ìbéèrè kan ló kù: fọ́ńkṣọ̀n to(owo, n) tí mo kọ kò ní & lára owo, síbẹ̀ àréè inú main yí padà. Ṣé wọn kì í ṣe ẹ̀dà àréè ni?

Bọ̀dá_Agbowó

Wọn kì í ṣe é. Bó o bá kọ orúkọ àréè síbi tí wọ́n ti pe fọ́ńkṣọ̀n, àdírẹ́sì ohun àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni C ń fi ránṣẹ́. int owo[] tó o kọ sí paramítà, int *owo ni kọ̀ǹpáílà kà á sí. Ẹ̀dà ṣì ni, ẹ̀dà àdírẹ́sì. Ìdí nìyẹn tó o fi ní láti fi n ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, torí pọ́íńtà kò mọ iye ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owo[i] lásán int ni, bó o bá fi ránṣẹ́ láìsí &, ẹ̀dà iye ni yóò dé inú swap.

Kọ́lá_Bẹẹrẹ

Kí lẹ ń fi t ṣe gan-an? Ẹ lè pààrọ̀ láìlo fáríébù kẹta:

```c
*a ^= *b;
*b ^= *a;
*a ^= *b;
```

Bọ̀dá_Agbowó

Kọ́lá, ìyẹn kọ́ ni Tólú béèrè. Bó o bá yọ ìràwọ̀ kúrò lára kóòdù rẹ, yóò kùnà bí tirẹ̀, yálà t wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ó sì ní ọ̀fìn kan. Jẹ́ kí owo jẹ́ 300, 700, 450. Ní ìgbà àkọ́kọ́, 300 ló kéré jù, ó sì ti wà nípò rẹ̀, ìyẹn ni pé i àti kere jẹ́ òdo. Swap yóò gba àdírẹ́sì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà rẹ àkọ́kọ́ yóò fi 300 ṣe XOR pẹ̀lú ara rẹ̀, yóò di 0, 0 náà ni yóò sì jẹ́ dé ìparí. Àréè yóò jáde ní 0 450 700, ọjà olówó 300 á sì di ọ̀fẹ́. Èyí tó ní t kò ní ìṣòro yìí: yóò mú 300, yóò kọ 300 lé ara rẹ̀, kò sóhun tó bàjẹ́.

Kọ́lá_Bẹẹrẹ

Háà. Mo lè fi if (a != b) ṣáájú rẹ̀ ṣá.

Bọ̀dá_Agbowó

O lè fi í sí i. Ṣùgbọ́n kí lo wá jèrè?

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà

Ẹ foríjì mí, mo fẹ́ da tèmi pọ̀ mọ́ ọn. Orúkọ oníbàárà ni mo fẹ́ pààrọ̀, kì í ṣe iye. Mo ní char *p = "Àṣàkẹ́" àti char *q = "Àjọkẹ́". Swap mi gba char *a àti char *b, pọ́íńtà sì ni wọ́n. Nígbà tí mo lo ìràwọ̀ bí Bọ̀dá ṣe kọ ọ́, ètò náà kú lójijì. Nígbà tí mo yọ ìràwọ̀, kò pààrọ̀.

Bọ̀dá_Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́, mà. *a nínú tiyín jẹ́ char kan ṣoṣo, báìtì kan, kì í ṣe orúkọ lódindi. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ sáàárín àmì ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan lé e lórí, ìdí tó fi kú nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ gan-an ni p àti q, pọ́íńtà sì ni wọ́n. Àdírẹ́sì tiwọn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ìyẹn ìràwọ̀ méjì:

```c
void swap_oruko(char **a, char **b)
{
    char *t = *a;
    *a = *b;
    *b = t;
}
```

Ẹ pè é ní swap_oruko(&p, &q). Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí fọ́ńkṣọ̀n yí padà fún yín, ìràwọ̀ paramítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan ju tirẹ̀ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà

Ó ṣiṣẹ́! Olúwa á bù kún yín. Ṣùgbọ́n oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, gbèsè àti nọ́ńbà fóònù nínú struct kan. Ṣé struct lódindi ni kí n pààrọ̀, àbí kí n ní àréè pọ́íńtà, kí n máa pààrọ̀ pọ́íńtà nìkan?

Àdùkẹ́_Mókọ́lá

Pọ́íńtà ni, mà. Báìtì mẹ́jọ ni ẹ ó máa gbé lórí ẹ̀rọ òde òní, dípò gbogbo struct.

Bọ̀dá_Agbowó

Tó bá jẹ́ struct kékeré bẹ́ẹ̀, lódindi ni èmi á pààrọ̀ o. struct onibara t = *a; ń ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kóòdù yín á sì rọrùn láti kà. Ọ̀nà Àdùkẹ́ dára tí struct bá tóbi, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ to wọn ní ọ̀nà méjì, nípa orúkọ àti nípa gbèsè.

Àdùkẹ́_Mókọ́lá

Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ mi padà. Oníbàárà á máa pọ̀ sí i.

Tólú_Ṣáṣá

Bọ̀dá, ẹ má bínú, ọ̀kan péré tún kù. Ọ̀rẹ́ mi kọ swap(x, y) sí swap oníràwọ̀ tuntun yìí, ó gbàgbé &. Tèmi kìlọ̀ "makes pointer from integer without a cast", lẹ́yìn náà ó kú pẹ̀lú Segmentation fault. Tiẹ̀ kò tiẹ̀ kọ̀ǹpáìlì rárá. Kóòdù kan náà ni o.

Bọ̀dá_Agbowó

gcc rẹ ló ti pẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ ni tẹ́lẹ̀, láti GCC 14 tó jáde ní 2024 ló ti di àṣìṣe tí kò ní jẹ́ kó kọjá. Tìrẹ jẹ́ kó kọjá, swap sì ka 450 sí àdírẹ́sì. Bó o bá ṣí i pẹ̀lú gdb, paramítà a yóò hàn ní 0x1c2, ìyẹn 450 ní ìṣirò onímẹ́rìndínlógún. Ètò rẹ kò ní nǹkan kan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi pa á. Tó o bá rí pọ́íńtà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú gdb, wá & tó sọnù ná.